Pọ̀nmọ́ há ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ́fun: kí ló yẹ ká ṣe, báwo la sì ṣe ń gé oúnjẹ ọmọ?

Ìyá Àńjọlá (Tákìé) · Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́jọ. Lọ́sàn-án òní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà mú pọ̀nmọ́ nínú abọ́ tirẹ̀, ó fi sí i lẹ́nu pé kó máa fà á mu. Ègé náà tó orí àtàǹpàkò mi. Ìgbà tí mo máa wojú ọmọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sunkún, kò wúkọ́, ojú rẹ̀ yọ síta, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú bọ̀. Màmá ọkọ mi ní kí n bu omi wá. Aládùúgbò wa tó ń ránṣọ ló já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ dé orí apá, ó ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹrin, pọ̀nmọ́ yẹn já bọ́ sílẹ̀, ọmọ sì figbe ta.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí orí ló kó wa yọ? Ká ní kò jáde ńkọ́? Kí ni mo sì lè máa fún un jẹ báyìí, torí gbogbo ohun tí a bá ń jẹ ló ń nawọ́ sí?

Ìyá Àgbà Ìjèrú · 8:31 alẹ́

O kú ewu o, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí àkóbá. Láyé tiwa, bí oúnjẹ bá pá ọmọ lórí, a ó fẹsẹ̀ gbé e kọ́, orí á wà nísàlẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i ní àwùjẹ̀. Bí kò bá jáde, a ó ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, a ó fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ gbogbo yín. Omi tí ìyá ọkọ rẹ sọ yẹn náà ò burú, díẹ̀ á tì í lọ sísàlẹ̀.

Bàbá Ṣadé · 8:40 alẹ́

Ẹ kú ewu, màmá. Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹni náà, ẹ fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra níkùn, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo, kí ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ti nǹkan náà jáde. Mo ti fojú mi rí i tó ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà tí ẹran há lọ́fun. Ọ̀nà kan náà ni fún ọmọdé, ẹ kàn máa rọra ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 9:15 alẹ́

Ẹ kú ewu, Ìyá Àńjọlá. Ẹ bá mi kí aládùúgbò yín, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń fi han àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ tó ń wúkọ́ kíkankíkan, tó ń sunkún, tí ojú rẹ̀ pọ́n, afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé fún un. Ẹ má gbá a, ẹ má kan ẹnu rẹ̀. Ẹ gbé e jókòó, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn, torí ikọ́ tirẹ̀ gan-an lágbára ju ọwọ́ yín lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ náà máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, á yọ ahọ́n síta, omijé á bọ́, á sì tún máa jẹun lọ. Ara rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ̀fun rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ ló yẹ ká sáré sí: ẹnu là, igbe ò jáde, ikọ́ ò ní ohùn, ètè ń dúdú. Bí Àńjọlá ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ jókòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí apá yín, kí ẹ gbé apá náà lé itan. Ẹ fi ọwọ́ apá yẹn di àgbọ̀n rẹ̀ mú, àtàǹpàkò lápá kan, ìka yòókù lápá kejì. Egungun àgbọ̀n ni kí ẹ dì mú o, ẹ má fún ibi tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Orí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ. Ẹ wá fi ìdí àtẹ́lẹ́wọ́ kejì gbá a láàárín èjìká méjèèjì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ dun ẹ̀yìn díẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Bó bá jáde ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ dúró níbẹ̀.

Bí márùn-ún bá pé tí kò jáde, ẹ fi apá kejì ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọwọ́ di ẹ̀yìn orí mú, kí ẹ yí i kó kọjú sókè lórí itan yín. Orí ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ wo orí ọmú méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, lórí egungun àárín àyà, ni ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí àyà wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìka méjì la fi ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Ní 2025, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ti Amẹ́ríkà yí i sí ìdí àtẹ́lẹ́wọ́ kan, torí ìka méjì kì í sábà tẹ̀ ẹ́ wọlé tó. Lẹ́yìn náà, ẹ tún pa dà sí ẹ̀yìn, kí ẹ tún wá sí àyà, títí tí nǹkan náà yóò fi jáde tàbí tí ọmọ yóò fi sunkún.

Bí ara ọmọ bá rọ jọ̀wọ̀lọ̀ tí kò mira mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó le. Ẹ tẹ àyà ní ọgbọ̀n ìgbà, kó yára bíi méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wo inú ẹnu, kí ẹ wá fi ẹnu yín bo ẹnu àti imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, títí àyà fi gbéra. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ni kó máa pe 112 tàbí kó máa wá ọkọ̀. Ẹ má kàn gbé ọmọ tí kò mí sáré sórí ọ̀kadà láìṣe nǹkan kan. Kí ẹ tó ti Tákìé dé ọsibítù èyíkéyìí, ìṣẹ́jú tí ọpọlọ lè fi dúró láìrí afẹ́fẹ́ á ti kọjá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 9:28 alẹ́

Màmá Ìjèrú, ẹ má bínú sí mi. Orí tó wà nísàlẹ̀, òótọ́ ni ẹ sọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń dojú ọmọ dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fẹsẹ̀ gbé kọ́ lè yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa, gbígbọ̀n sì lè ṣe ọrùn àti ọpọlọ rẹ̀ ní jàǹbá. Fífẹ́ atẹ́gùn sí àwùjẹ̀ kò dé ọ̀fun rárá. Ìka ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kéré, nǹkan tó rọ̀ tó sì ń yọ̀ bíi pọ̀nmọ́, ìka tó ń wá a kiri láìrí i ló máa tì í wọlé dé ibi tí kò ti ní lè jáde mọ́. Bí ẹ bá fojú rí i kedere lẹ́nu, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má wá a.

Omi ńkọ́? Ọ̀nà èémí ni nǹkan náà dí, kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ. Kò sí ibi tí omi máa tì í lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà máa wá ọ̀nà lọ.

Bàbá Ṣadé, ẹni tó ti kọjá ọdún kan ni ohun tí ẹ sọ yẹ fún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ gbá a lẹ́yìn ní márùn-ún, kí ẹ sì máa ṣe é léraléra bẹ́ẹ̀, márùn-ún lẹ́yìn, márùn-ún níkùn. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ tóbi, ó sì yọ jáde lábẹ́ ìhà, kò sí egungun tó bò ó. Ẹ lè fà á ya. Fún ọmọ ọwọ́, àyà la ń tẹ̀, a kì í tẹ ikùn.

Ọmọ Ọlọ́jà (Sábó) · 9:50 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà, eegun ẹja há mi lọ́fun láti àná, mo ti gbé òkèlè ẹ̀bà ńláńlá mì, kò lọ. Ṣé kí ìyàwó mi gbá mi lẹ́yìn ní márùn-ún?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 9:58 alẹ́

Rárá, bọ̀dá. Ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ń mí, kò dí ọ̀nà èémí yín. Eegun tó gún ara ọ̀fun ni. Ẹ yé gbé òkèlè mì, ó ń tì í wọ ẹran ara síi ni. Ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun láàárọ̀ ọ̀la, àgàgà bí itọ́ bá ṣòro gbé mì tàbí tí àyà bá ń dùn yín.

Ìyá Oníkáṣù · 10:20 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìlú káṣù ni Ògbómọ̀ṣọ́ wa, káṣù yíyan ni mò ń tà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì àbọ̀, ń jẹ ẹ́ níbi tó ti ń sáré kiri. Ó wúkọ́ títí omijé fi bọ́, ikọ́ náà dá, ó lọ ṣeré. Gbogbo wa rò pé ó ti mì ín. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ikọ́ kan ti ń ṣe é. Bó bá lo oògùn, á lọ, bí oògùn bá tán, á tún pa dà, ibà á sì tẹ̀ lé e. Lóru, mo máa ń gbọ́ bí ẹni ń súfèé nínú àyà rẹ̀. Ṣé ó lè jẹ́ pé káṣù yẹn ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 10:34 alẹ́

Ó lè jẹ́ ẹ́, màmá, mi ò sì fẹ́ kí ẹ dúró di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀pà àti káṣù máa ń yọ́ kọjá gògóńgò wọ inú ẹ̀ka ẹ̀dọ̀fóró, apá ọ̀tún ló sì sábà máa ń gbà, torí ẹ̀ka ọ̀tún fẹ̀, ó sì dúró gbọọrọ ju ti òsì lọ. Bó bá ti jókòó síbẹ̀, ikọ́ á dákẹ́, òbí á fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ máa wú, tí á di ikọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù olùkọ́ni ti LAUTECH tàbí ti Bowen lọ́la. Kí ọ̀rọ̀ káṣù jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ, kó tó kan ikọ́. Bí dókítà bá gbọ́ ikọ́ nìkan, oògùn ikọ́ ló máa kọ. Àwòrán àyà sì lè má fi nǹkan kan hàn, torí káṣù kì í hàn bíi irin. Ẹ má tìtorí pé àwòrán dára kí ẹ pa dà sílé, ẹ ní kí wọ́n fetí sí àyà rẹ̀ lápá méjèèjì bóyá ohùn wọn dọ́gba.

Olùkọ́ Jẹ́léósinmi (Ọ́ńdà-Jí) · Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Mo fẹ́ dáhùn ti oúnjẹ, torí àwọn ọmọ tó ń jẹun lọ́dọ̀ wa nílé ẹ̀kọ́ pọ̀. Ìwọ̀n nìkan kọ́ ló ń pa ọmọ, bí nǹkan ṣe rí náà ń ṣe é. Ohun tó bá róbótó, tó ń yọ̀, tí kò sì fọ́, á bá ọ̀nà èémí mu bíi ìdérí ìgò, á sì dí i pátápátá. Ọmọ oṣù mẹ́jọ lè ti ní eyín iwájú tó fi ń gé nǹkan, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ kò tíì yọ. Ó lè bu ẹran jẹ, kò lè lọ̀ ọ́.

Kí n tó fi nǹkan sínú abọ́ ọmọ, mo máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka kejì tẹ̀ ẹ́. Bó bá fọ́ pẹ̀tẹ̀, ó lè lọ. Iṣu sísè tó rọ̀ ń fọ́. Kúkúńdùkú ń fọ́. Dòdò tó pọ́n dáadáa ń fọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gé e ní róbótó, ẹ gé e gbọọrọ, kó gùn tó ìka àgbàlagbà kí ọmọ lè dì í mú, kí ó sì máa bù ú jẹ láti orí. Pọ̀nmọ́, ṣàkì, ẹran ògúnfe, ẹ tẹ̀ wọ́n wò, wọn ò ní fọ́. Wọn kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́, ìbáà ṣe pé fífà mu lásán ni a ní kó máa fà á. Ẹran tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ sè é títí, kí ẹ gún un tàbí kí ẹ fà á ya wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀. Ẹja, ẹ fi ìka wá eegun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tòmátì wẹ́wẹ́ tàbí èso àjàrà, ẹ là á lóòró sí mẹ́rin. Bí a bá gé e ní ìbú, róbótó náà ló ṣì jẹ́. Ẹ̀pà odidi, káṣù, gúgúrú, kókóró, súwíìtì líle, wọn kì í wọ inú abọ́ oúnjẹ lọ́dọ̀ wa rárá títí ọmọ á fi pé ọdún márùn-ún. Ẹ lè lọ ẹ̀pà kúnná kí ẹ pò ó mọ́ ògì. Ẹ̀pà lílọ tó nípọn tí a fi ṣíbí bù lódindi náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Àgbálùmọ̀, ẹ kó gbogbo kóró rẹ̀ kúrò, torí kò sí ohun tó ń yọ̀ tó kóró àgbálùmọ̀.

Ìyá Fẹ́mi (Tákìé) · 2:12 ọ̀sán

Olùkọ́, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí gbọọrọ yẹn. Wọ́n sọ fún mi níbi ìtọ́jú ọmọ pé kí n lọ gbogbo nǹkan kúnná títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ẹ fún ní iṣu gbọọrọ á bu òkè rẹ̀ jẹ, òkè náà á sì há a.

Olùkọ́ Jẹ́léósinmi (Ọ́ńdà-Jí) · 2:40 ọ̀sán

Bí iṣu náà bá rọ̀ débi tí ìka fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, èyí tó bù máa fọ́ lẹ́nu rẹ̀ náà. Ọmọ tí a lọ oúnjẹ kúnná fún títí ó fi pé ọdún kan, mo ti rí i pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí oúnjẹ lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 4:03 ìrọ̀lẹ́

Lórí ègé gbọọrọ, àwọn onímọ̀ fúnra wọn kì í fi ẹnu kò, ṣùgbọ́n wọn ò ní ká lọ oúnjẹ kúnná títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Èmi máa ń ní kí ìyá fi fọ́ọ̀kì tẹ oúnjẹ fọ́ láìlọ̀ ọ́ kúnná, kó fi ègé rírọ̀ kan tàbí méjì kún un. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé kí ọmọ jókòó dúró ṣánṣán, kí ẹnì kan sì máa wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun. Ìwọ̀n ẹ̀wà ni kí ègé kéékèèké tó, nígbà tó bá ti lè fi àtàǹpàkò àti ìka kejì mú nǹkan, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹyin ńkọ́? Pupa ẹyin gbígbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ẹ fi omi ọbẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Àgbà Ìjèrú · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ o. N ò ní ti ìka bọ ọmọ lọ́fun mọ́. Ṣé rírọ ọmọ náà ti wá burú ni? Ògì la fi rọ gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 6:11 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Nígbà tí a bá tẹ́ ọmọ sórí itan, tí a fi àtẹ́lẹ́wọ́ dí i lẹ́nu, tí a ń da ògì tàbí àgbo sí i, ọmọ náà á máa sunkún. Kó tó sunkún, ó gbọ́dọ̀ fa èémí sínú. Ìgbà tó bá fà á, ògì á bá a wọlé. Òun ló ń fa ikọ́ àti òtútù àyà tí a máa ń rí. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ fi ife kékeré tàbí ṣíbí kan ètè rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ la ẹnu.

Ìyá Àgbà Ìjèrú · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Èyí tó bá kọ̀ tí kò la ẹnu ńkọ́? Ọmọ tí kò jẹun á rù o. Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 6:38 ìrọ̀lẹ́

Mo mọ̀, màmá. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró, kí ẹ tún fún un nígbà mìíràn. Bó bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà, kì í ṣe ti rírọ.

Ìyá Oníkáṣù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Mo ti dé láti ọsibítù. Mo kọ́kọ́ sọ ti káṣù bí ẹ ṣe wí. Dókítà fetí sí àyà rẹ̀, ó ní apá ọ̀tún kò gba afẹ́fẹ́ bíi ti òsì. Wọ́n ya àwòrán, kò fi káṣù hàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní apá ọ̀tún wú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fẹ́ kó sùn kí wọ́n fi rọ́bà tó ní iná wo inú ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní kó má jẹ ohunkóhun láti òru. Ẹ bá mi gbàdúrà o. Mo ti kó gbogbo káṣù sórí àjà.

Ìyá Àńjọlá (Tákìé) · 9:25 alẹ́

Olúwa á bá a ṣe é, màmá. Èmi náà gbé Àńjọlá lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó kù síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ̀ báyìí pé ohunkóhun tó bá fẹ́ fún àbúrò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi han èmi. Mo tún gbálẹ̀ lábẹ́ àga, mo rí ìdérí báírò àti ìlẹ̀kẹ̀ irun níbẹ̀.

Bàbá Ṣadé · 9:41 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan. Ọmọ ọmọ mi ti pé oṣù mọ́kànlá, ó sì sanra gan-an, apá ìyá rẹ̀ ò lè gbé e dání bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yẹn. Ṣé kí n tẹ ikùn rẹ̀ torí pé ó tóbi?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Àròjẹ) · 9:50 alẹ́

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, bàbá, kò tíì pé ọdún kan. Kí ìyá rẹ̀ jókòó, kó dojú ọmọ dé orí itan rẹ̀ méjèèjì ní ìbú, kí orí rẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan, kó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n mú, kó sì fi èkejì gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó bá kan àyà, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó le. Ẹ fi ọmọláńgidi dán an wò lálẹ́ òní, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n.